Kí Ló So Àwọn Yòókù Pọ̀?

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òwe yìí ló yẹ kí ọmọ tó ń múra ìdánwò àtiwọ girama fi sọ́kàn, nígbà tí wọ́n bá to nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ tí wọ́n ní kó yọ èyí tí kò bá wọn mu. Ìyàtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wá. Bẹ́ẹ̀ ìka ò dọ́gba: kò sí èyí tí a kò lè rí ìyàtọ̀ lára rẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó pa mẹ́ta pọ̀ ni kí ọmọ kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo ìbéèrè yìí: ọ̀sẹ̀, 7, àwòrán onígun méje, àwòrán onígun mẹ́rin. Ọmọ kan lè mú 7, kó ní òun nìkan ni nọ́ńbà. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ló pa ọ̀rọ̀ kan àti àwòrán méjì pọ̀, yàtọ̀ sí pé wọn kì í ṣe nọ́ńbà? Àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rèé: "Onígun mẹ́rin ni mo yọ. Méje wà nínú mẹ́ta yòókù: ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, 7 ni méje fúnra rẹ̀, àwòrán àkọ́kọ́ sì ní igun méje. Igun mẹ́rin péré ni eléyìí ní." Ó dárúkọ okùn tó so wọ́n, ó fi hàn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé kò sí lára èyí tó yọ.

Nígbà mìíràn, èsì méjì á ní ẹ̀rí. Nínú 9, 16, 25 àti 43, ẹnìkan lè yọ 16, torí pé òun nìkan ló ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ẹlòmíràn á yọ 43: 3 lọ́nà 3 ni 9, 4 lọ́nà 4 ni 16, 5 lọ́nà 5 ni 25, kò sì sí nọ́ńbà odidi tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó di 43. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká wọn ẹ̀rí méjèèjì. Láti 1 dé 50, nọ́ńbà 25 ni kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà mẹ́ta lè ṣèèṣì pàdé. Irú 9, 16 àti 25 kò ju méje lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ló jọ pé ẹni tó ṣe ìbéèrè mọ̀ọ́mọ̀ fi so wọ́n. 43 ni kí ọmọ mú.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá, èyí tí wọ́n ṣì fi ń ka ọjọ́ ọjà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọmọ tó bá fi ìyẹn kà á, ọ̀sẹ̀ àti onígun mẹ́rin á di ọ̀kan, 7 àti onígun méje á di ọ̀kan, méjì sí méjì, kò ní sí èyí tó ṣeé yọ. Ọmọ náà kò ṣì í. Ìbéèrè ló ń fì. Kí olùkọ́ kọ "ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje" síbẹ̀. Bí kò bá sì kọ ọ́, kó fún ọmọ tó ṣàlàyé báyìí ní máàkì rẹ̀.