Kí Alájá Tó Gbé Fóònù

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìpolówó iṣẹ́ ni kí o wò kí o tó kọ orúkọ ẹlẹ́rìí sí ìsàlẹ̀ síífíì rẹ. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti yunifásítì, orúkọ ẹni mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè, wọ́n á sì ní kí àwọn ẹlẹ́rìí náà fúnra wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ "orúkọ wà nílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ẹ" síbẹ̀ kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan ní Marínà kò bá béèrè, má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé yẹn á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, nọ́ńbà àgbàlagbà á sì wà lórí rẹ̀. Tó bá tún jẹ́ ọ̀gá tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lo kọ, ìpè kan péré ti tó láti tú ọ fó pé o fẹ́ lọ. Gbólóhùn "orúkọ wà nílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ẹ" ti tó níbẹ̀. Fi orúkọ wọn sínú ìwé ọ̀tọ̀ tí wàá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè.

Ká ní Kúdírátù, ọmọ Ìdúmàgbò kan, ń wá iṣẹ́ akáùntì. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gá ibi tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, ìkẹta sì ni Alájá tó bá kọ ìwé ọjà ní Ìdúmọ̀tà. Olóyè àdúgbò lè gbayì jù wọ́n lọ, àmọ́ kò rí i rí nídìí iṣẹ́. Alájá rí i. Síbẹ̀, bí a kò bá sọ fún un, nọ́ńbà àjèjì ni yóò rí, á rò pé gbájúẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ní "Kúdírátù", "Kúdí" nìkan ló mọ̀.

Nítorí náà, ó lọ bá a nígbà tí ọjà rọlẹ̀: "Ẹ kú ọjà o, Alájá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi jẹ́rìí síbi iṣẹ́ kan."

"Ṣé kí n dúró fún ẹ ni? Mi ò fọwọ́ síwèé o."

"Rárá mà. Ẹ ò ní fọwọ́ síwèé kankan. Wọ́n á kàn bi yín bí mo ṣe ṣiṣẹ́ sí ni."

Ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lọ. Oníduùró ni báǹkì máa ń fún ní fọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbani. Bí owó bá sọnù, wọ́n lè wá a délé. Ẹlẹ́rìí kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí Alájá bá sọ pé òun kò fẹ́, tàbí tó ń fà á nílẹ̀, fi í sílẹ̀: ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn lè fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Tó bá gbà, sọ orúkọ tó wà lórí síífíì fún un, ọdún tí o lò lọ́dọ̀ rẹ̀, irú iṣẹ́ tí ò ń wá, àti ohun kan tó rí ọ ṣe, bí owó tó dín tí o fi ìwé ọjà tọpa rẹ̀ títí o fi rí i. Má kọ́ ọ ní ohun tí kò rí. Lọ́jọ́ tí o bá fi orúkọ ránṣẹ́, pè é, kí o sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà fún un, kí o sì sọ àkókò tí ariwo ọjà kì í pọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè pè é nígbà náà.