Lẹ́tà Ìtọrọ Ọdún Ìwádìí

Olùkọ́ yunifásítì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 6 a máa tọrọ ọdún 1 fún ìwádìí. Ẹ wo lẹ́tà olùkọ́ ìtàn kan:

“Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,
Mo fẹ́ gbé ní Òrè, níbi tí a ti dá ọmọ ogun Bíáfrà padà ní ọdún 1967, kí n lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà Òdìgbò tí ó ṣojú wọn. Bí a bá pẹ́, ọ̀rọ̀ wọn yóò bá wọn wọlẹ̀. Èmi yóò gba ohùn àgbà 40 sílẹ̀, èmi yóò sì kọ ìwé 1. Ẹ̀ka wa ni yóò tọ́jú ohùn wọ̀nyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.”

Ẹ kíyèsí i pé ìdí ni ó ṣáájú, èso tẹ̀lé e, àǹfààní ẹ̀ka sì kẹ́yìn. Bí ó bá kọ “ìwádìí púpọ̀” dípò àgbà 40, kí ni a ó fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé?