Èékánná Ẹsẹ̀ Tó Dúdú: Bí Kò Bá Dùn Yín, Ẹ Má Dá A Lu

Ìwé pẹlẹbẹ yìí wà fún gbogbo ilé ní Minna tí ẹnì kan ti rin ìrìn gígùn nínú bàtà tó fún un, tó bọ́ bàtà lálẹ́, tó sì rí i pé èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òun ti dúdú. Ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àgọ́ Paiko dé. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹsẹ̀ rìn láti Kpakungu dé Gidan Kwano nítorí pé kò rí mọ́tò, tàbí ọmọ yín tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè Paida tó sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí a óò sọ, tí a óò tún sọ, nítorí pé òun ló ń gbé àwọn ènìyàn wá bá wa ní ilé ìwòsàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ èékánná

Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ a máa yọ̀ síwájú nínú bàtà, ẹnu èékánná a sì máa gbá iwájú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló kún inú ẹran abẹ́ èékánná. Bí ó bá ti ń gbá a fún wákàtí mélòó kan, díẹ̀ nínú wọn á já, ẹ̀jẹ̀ á sì sun jọ sábẹ́ èékánná. Bàtà tó tóbi jù náà ń fa irú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún á kọ́kọ́ pọ́n, á wá ṣú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á dúdú kirikiri.

Bí ara bá dáranjẹ̀ níbòmíràn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni yóò ti parẹ́. Ti abẹ́ èékánná kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á gbẹ mọ́ èékánná lára, wọn á sì jọ máa rìn lọ síwájú bí èékánná ṣe ń hù. Èékánná ẹsẹ̀ kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà kan àbọ̀ lọ lóṣù kan, nítorí náà ti àtàǹpàkò lè gba oṣù 12 sí 18 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀ tán. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, èékánná náà lè ṣí kó sì bọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú tuntun tó ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Tuntun náà lè wú díẹ̀ tàbí kó rí ṣákaṣàka ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú

Ibi tí wàhálà wà gan-an rèé. Ọjọ́ karùn-ún tàbí ọjọ́ kẹwàá á pé, èékánná ṣì dúdú, kò sì dùn mọ́. Nígbà náà ni ẹnì kan nínú ilé á sọ pé, “Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló dì síbẹ̀ yẹn. Bí a kò bá fà á jáde, yóò jẹ ẹsẹ̀ náà wọnú.” Wọn á wá pe ọkùnrin tó ń gé èékánná kiri, èyí tó ń lu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀ kọjá níwájú ilé, kó bá wọn fi ẹnu abẹ ṣí i. Àwọn mìíràn á lọ bá wánsáàmì. Àwọn mìíràn á fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un fúnra wọn, wọ́n á ní àwọn ti fi iná ìṣáná sun ún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ wa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ burúkú kankan níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara yín ni, irú èyí tó ń ṣàn ní apá yín. Ó dúdú nítorí pé ó ti kúrò nínú iṣan, ó sì ti gbẹ. Kò ní májèlé nínú, kì í gun òkè lọ sọ́kàn, kì í sì í sọ ẹran di jíjẹrà. Ní gbogbo ìgbà tí èékánná bá wà lódindi, ó dé ibẹ̀ pa bí ìdérí ìkòkò, ìdọ̀tí kankan kò sì rọ́nà wọlé. Abẹ tí ẹ fẹ́ fi lé ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde ni yóò ṣí ọ̀nà fún ohun burúkú gidi. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ náà ti dì. Bí ẹ bá tilẹ̀ gé e, kò ní ṣàn jáde. Ẹran pupa tútù abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ óò gé kàn.

A kò ní ìjà pẹ̀lú ọkùnrin tó ń gé èékánná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé èyí tó gùn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, omi lásán ló sì fi ṣàn án. Àrùn ẹ̀dọ̀ B àti kòkòrò éèdì ń gba ojú irú abẹ bẹ́ẹ̀ kọjá láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Àrùn ipá tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gba ojú egbò tí ìdọ̀tí wọ̀ wọlé. Ẹni tí ipá bá mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ le tí kò fi ní lè la ẹnu, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé e kó tó hàn, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé ọ̀rọ̀ èékánná.

Bàbá tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà ló ń bà wá lọ́kàn jẹ́ jù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyí. Bàbá wọ bàtà aláwọ tuntun lọ síbi ayẹyẹ, ó rìn púpọ̀, kò sì mọ̀ pé bàtà ń pa òun lẹ́sẹ̀, nítorí pé àìsàn náà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ rí i pé èékánná ti dúdú. Wọ́n pe ẹni tó gé e, wọ́n da òróró sí i, wọ́n fi aṣọ wé e. Kò dùn ún, ni wọ́n bá rò pé ó ti ń san. Ẹsẹ̀ wú, ara gbóná, òórùn bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e wá. Ìgbà tí a tú aṣọ ọ̀hún, ọmọ ẹsẹ̀ náà ti kú, iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ ló kù. Èékánná kan tí ì bá bọ́ fúnra rẹ̀ láìsí wàhálà ló gba ọmọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Nítorí náà, a tún un sọ: bí kò bá dùn yín, ẹ má dá a lu. Ẹ má gé e, ẹ má tu ú, ẹ má gún un. Ì báà gba gbogbo ojú èékánná, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí “kò dùn mí” kò tó fún ni ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá fẹsẹ̀ han òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ tó bá rí dúdú náà gan-an, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án nílé.

Ìgbà tó yẹ kí a fa ẹ̀jẹ̀ jáde

Ìrora ló ń sọ ọ́. Kì í ṣe àwọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àgùnbánirọ̀ kan tó wọ bàtà tó kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀ rin ìrìn ìfaradà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Lálẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń sọ kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù. Kò lè fi aṣọ ìbora kàn án, bó tilẹ̀ lo oògùn, ìrora kò jẹ́ kó sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ni kò ríbi gbà, tó ń ti èékánná sókè tó sì ń tẹ ẹran mọ́lẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí etí èékánná rẹ̀ sì dì mú, a óò fà á.

A óò fi oògùn apakòkòrò nu ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, a óò fi irinṣẹ́ onírin gbígbóná jó ihò kékeré sí àárín dúdú náà, tàbí kí a yí ẹnu abẹ́rẹ́ tuntun tí kò tíì kan ẹnikẹ́ni díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé. Èékánná fúnra rẹ̀ kì í ní ìrora, a ó sì dáwọ́ dúró ní kété tí ẹ̀jẹ̀ bá tú. Ìrora á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ihò náà lè máa sun ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí kó lé díẹ̀, nítorí náà a óò fi owú bò ó. Kó má ti ẹsẹ̀ bọ omi títí ọjọ́ kejì. A óò sì bi í nígbà tó gba abẹ́rẹ́ ìdènà ipá gbẹ̀yìn. Bí ó bá ti lé ní ọdún 10, yóò gba òmíràn. Ẹni tó bá lẹ èékánná àtọwọ́dá mọ́ ọn kó tètè sọ, nítorí iná lè ràn mọ́ ọn.

Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan wúwo já lé ẹsẹ̀ lórí, ẹ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti lè ya fọ́tò egungun. Bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ó wú, tí ó gbóná lọ́wọ́, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ wá lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú nílé

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé omi inú ọ̀rá tó ti dì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù tó. Ẹ má lo asipirín fún ìrora yìí, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Bí èékánná bá ń ṣí, ẹ fi pílásítà dì í mú, kí ẹ sì gé ibi tó ti ṣí nìkan.

Bí dúdú náà kò bá rìn

Ẹ fi fóònù ya èékánná náà lónìí, kí ẹ tún yà á lẹ́yìn oṣù méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ óò rí èékánná mímọ́ bíi mìlímítà mẹ́ta ní ìdí rẹ̀. Bí dúdú náà kò bá kúrò nídìí èékánná, tí ó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ó ti wọ awọ ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ abẹ́ èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló fà á, ni wọ́n rí lára Bob Marley ní 1977. Òun ló sì pa á ní 1981, lẹ́ni ọdún 36. Ilà dúdú tín-ín-rín tó ti wà lórí èékánná ọ̀pọ̀ nínú wa láti ìgbà pípẹ́ láìyípadà kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Bàtà

Ẹ ra bàtà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀, kí àyè tó tó ìbú ìka àtàǹpàkò ọwọ́ kù níwájú ọmọ ẹsẹ̀ tó gùn jù. Ẹ gé èékánná kúrú kẹ́ ẹ tó rìn jìnnà, kí ẹ sì so okùn bàtà le lórí ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.