Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Já Ọ́síjìn fún Iṣan Tó Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọjà Máìlì 12, bí tírélà tòmátò bá ti òkè Ọya dé, àwọn alááru ni yóò gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, tí wọn yóò fi ìkánjú la àárín èrò kọjá dé ìsọ̀ ẹni tó ra ọjà. Ẹ jẹ́ ká wo itan ọ̀kan nínú wọn. Kó tó dé ìsọ̀, itan náà ti gbóná, ó ti ń ta á, ọ́síjìn tó ń lò sì ti pọ̀ ju ti ẹni tó jókòó lọ fíìfíì. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí òun já ọ́síjìn sí jù?

Hẹmoglóbìn ló ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ẹyọ rẹ̀ kan ní àyè mẹ́rin tí ọ́síjìn lè bọ́ sí. Níbi tí ọ́síjìn bá ti pọ̀, yóò gbé e. Níbi tó bá ti kéré, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń ya ìlà kan tó fi èyí hàn. Ìwọ̀n ọ́síjìn wà nísàlẹ̀ ìwé, láti òsì sí ọ̀tún. Iye hẹmoglóbìn tó kún nínú 100 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ìsàlẹ̀ sókè. Ìlà náà á kọ́kọ́ rọra gòkè, á wá ga sókè kíá, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ lókè.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀n ọ́síjìn máa ń tó 100 lórí òṣùwọ̀n mìlímítà mẹ́kúrì, hẹmoglóbìn a sì kún dé nǹkan bíi 97 nínú 100. Nínú ara ẹni tó ń sinmi, ìwọ̀n náà wà ní nǹkan bíi 40, hẹmoglóbìn sì ṣì kún dé 75. Ohun tó já sílẹ̀ kò ju 22 lọ.

Ní ọdún 1904, Christian Bohr, ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nímáàkì, pẹ̀lú Hasselbalch àti Krogh, fi hàn pé bí kábọ́n dáyọ́sáídì bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìlà yìí á sún sí ọ̀tún. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú ìwọ̀n ọ́síjìn kan náà, ohun tí hẹmoglóbìn lè dì mú á dín kù.

Ẹ padà sí itan alááru wa. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń tú kábọ́n dáyọ́sáídì jáde. Gáàsì yìí á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á pò mọ́ omi, á sì di ásíìdì. Iṣan tí agara ń dá tún ń tú ásíìdì tirẹ̀ sí i. Ásíìdì àti gáàsì náà kì í jókòó sí àyè ọ́síjìn. Ibòmíràn lára hẹmoglóbìn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á sì yí ìrísí rẹ̀ padà débi tí ọwọ́ rẹ̀ á fi dẹ̀ lára ọ́síjìn. Ooru náà ń dá kún un.

Ká ní pH ẹ̀jẹ̀ inú itan náà ti ti 7.4 wá sí 7.2 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i), tí ìgbóná rẹ̀ sì ti ti 37 dé 39. Ní ìwọ̀n ọ́síjìn 40 kan náà, nǹkan bíi 55 ni hẹmoglóbìn á lè dì mú dípò 75. Ó já 42 sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Nínú itan tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ọ́síjìn fúnra rẹ̀ tún máa ń wálẹ̀ ju 40 lọ, nítorí náà ohun tí yóò já sílẹ̀ á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá padà dé ẹ̀dọ̀fóró, alááru á mí kábọ́n dáyọ́sáídì síta, ásíìdì á dín kù, ìlà á sì padà sí òsì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka nílé ìwòsàn fi sábà máa ń ka nǹkan bíi 97 fún un, bó tilẹ̀ ń mí gúlegúle. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wò. Kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú itan.

Ohun kan náà tó ń gba alááru là yìí lè ṣe ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde léṣe, ó sì yẹ kí ìdílé wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Hẹmoglóbìn wọn, bó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa á sì tẹ̀, á le, á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ásíìdì tó pọ̀ ń mú kí ó já ọ́síjìn yá, ìtẹ̀ náà á sì yá pẹ̀lú. Lára ìdí tí dókítà fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n tètè tọ́jú ibà, kí wọ́n má sì ṣe ara wọn lágara nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó tètè padà dé ẹ̀dọ̀fóró lè rí ọ́síjìn gbà, kó sì nà padà. Èyí tó bá ti tẹ̀ tó nà léraléra lè dé ibi tí kò ní nà mọ́.