Aró Tí Ń Yọ Lára Àǹkárá: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Ń Dá A Dúró

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọjọ́ tí a ó kọ́kọ́ fọ aṣọ àǹkárá tuntun jẹ́ ọjọ́ àníyàn. Omi inú ọpọ́n yóò pọ́n, ibi tí ó funfun lára aṣọ náà yóò di aláwọ̀ osùn, bí ẹ̀wù funfun kan bá sì wà nínú ọpọ́n kan náà, òun pẹ̀lú yóò bá a lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń bu iyọ̀ sínú omi, kí aró náà má baà yọ mọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè so aró mọ́ òwú nínú ọpọ́n ìfọṣọ. Ohun tí ó ń gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ là ni pé kí aró tí kò dì mọ́ ọn jáde tán nínú omi púpọ̀, kí a tó rán an, kí a sì tó fi í sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ mìíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ irú àǹkárá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹkárá tí a fi ìda ṣe, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Fílísíkò tí a dá sílẹ̀ ní 1846 ní ìlú Hẹ́límọ́ǹdì ní ilẹ̀ Họ́láńdì ń ṣe, bá adìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta tan. Gẹ́gẹ́ bí aládìrẹ ti ń fi ẹ̀kọ bo ibi tí kò fẹ́ kí aró dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi oje igi tí a yọ́ bo òwú níwá àti lẹ́yìn, kí a tó rì í sínú aró. Nítorí náà ni àwọ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń bára mu. Irú kejì ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwọ̀ sí ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣì ju iwájú lọ. Irú kẹta kì í ṣe òwú rárá, pọliẹ́sítà ni. Bí a bá fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ tí a sì fi iná sí i, ti òwú yóò jó bí ìwé, yóò sì di eérú rírọ̀. Ti pọliẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì di kókó líle. Aṣọ tí ó jẹ́ òwú ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, nítorí òun ni ó sábà máa ń da omi pọ́n.

Lára àwọn aró tí a fi ń pa òwú láró lónìí, irú kan wà tí ilé-iṣẹ́ I.C.I. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní 1956. Aró yìí kì í kàn jókòó sára òwú. Ó ń so mọ́ fọ́nrán rẹ̀ títí ó fi di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń rí ibi so mọ́. Apá kan a máa ṣẹ́ kù tí ó kàn fara mọ́ aṣọ lásán, ó sì di dandan kí ilé-iṣẹ́ fọ apá yìí kúrò pátápátá kí aṣọ tó jáde. Níbi tí wọ́n bá ti dín omi àti àkókò kù níbi fífọ̀ yìí, aró tí ó ṣẹ́ kù yóò bá aṣọ dé ilé ẹni tí ó rà á. Sítáàṣì tí a fi mú aṣọ le yóò sì dì í mú títí omi yóò fi kàn án.

Níbí ni a ti lè rí àṣìṣe tí ó wà nínú iyọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn aláró ń lo iyọ̀ nílé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé aró kúrò nínú omi lọ sára òwú. Sódà ni ó ń jẹ́ kí aró náà so mọ́ ọn. Bí a bá da iyọ̀ sínú ọpọ́n nílé, aró tí ó ń yọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi, ẹni tí ń fọṣọ yóò sì rò pé ó ti mú. Ara aṣọ ni ó padà sí, ó sì lè jókòó sí ibi funfun. Nígbà tí a bá tún fọ̀ ọ́ láìsí iyọ̀, yóò tún yọ. Fínígà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kíkan a máa ran aró irun àgùntàn àti ti sílíkì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í so aró mọ́ òwú.

Kí a tó gé aṣọ rárá, ó yẹ kí a dán an wò. A ó mú àkísà funfun tí ó jẹ́ òwú, a ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì tẹ́ ẹ lé etí aṣọ náà níbi tí àwọ̀ rẹ̀ gbé dúdú tàbí pupa jù lọ. A ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí àkísà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí àkísà náà bá funfun síbẹ̀, kò sí ìbẹ̀rù púpọ̀. Bí ó bá gba àwọ̀, aró tí kò dì wà lára aṣọ náà. Lẹ́yìn èyí, kí a fi àkísà funfun gbígbẹ ra á ní ìgbà 10. Bí ó bá jẹ́ pé èyí gbígbẹ nìkan ni ó gba àwọ̀, a jẹ́ pé àwọ̀ náà kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ni. Fífọ̀ kò lè tún irú èyí ṣe. Kí a má ṣe fi ọwọ́ ra á le ni àbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin kan ní Ìbàdàn gba ọ̀pá àǹkárá 6 fún aṣọ ẹbí. Ilẹ̀ aṣọ náà pupa, ẹyẹ funfun sì wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ kí aránṣọ fi léèsì funfun ṣe apá bùbá rẹ̀. Ó dán an wò, àkísà sì pọ́n. Bí ó bá gbé e lọ fún aránṣọ bẹ́ẹ̀, léèsì náà yóò pọ́n ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, tàbí kí òógùn abíyá tilẹ̀ ṣe é lóde ìyàwó kí ọjọ́ ìfọṣọ tó dé. Nígbà náà, owó àǹkárá, owó léèsì àti owó ìránṣọ yóò ṣègbé pọ̀.

Nítorí náà, ó kọ́kọ́ ran etí aṣọ méjèèjì tí a gé kí ó má baà tú. Ó wá ọpọ́n ńlá kan tí inú rẹ̀ funfun kí ó lè máa rí àwọ̀ omi, ó sì pọn omi tútù tí ó pọ̀ tó kí aṣọ náà lè léfòó nínú rẹ̀ láìká pọ̀. Kò fi í sílẹ̀ kí ó máa rin níbẹ̀. Ó ń gbé e sókè sódò fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 5, ó da omi pupa náà nù, ó sì pọn òmíràn. Nígbà tí ó di omi karùn-ún, ojú omi mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tútù nìkan kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó tó, nítorí omi gbígbóná ń fa aró tí kò dì jáde ju tútù lọ. Ó pọn omi tí ó gbóná dé ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà, ó po ìwọ̀n ọṣẹ oníyẹ̀fun díẹ̀ sí i, ó sì tún gbé aṣọ náà sínú rẹ̀. Omi tún pọ́n. Ó fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i, ó sì fi omi tútù ṣan án, kí omi ọṣẹ gbígbóná tó mọ́. Nígbà tí ó tún fi àkísà àti áyọ́ọ̀nù dán an wò lẹ́yìn tí ó gbẹ, àkísà náà funfun. Nígbà náà ni ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Èrè kejì tún wà níbẹ̀: bí òwú náà yóò bá sún kì, ó ti sún kì kí a tó gé e. Dídán ojú rẹ̀ tí omi bá lọ, sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

Aṣọ mìíràn wà tí a ó fọ̀ ní ìgbà 8 tàbí 10 bẹ́ẹ̀ tí omi kò ní mọ́. Aró irú rẹ̀ kò dì dáadáa láti ilé-iṣẹ́ wá, kò sì sí ohun tí a lè bu sínú omi nílé tí yóò dì í. Kí a fi aṣọ aláwọ̀ kan náà ṣe ìgbátí rẹ̀, kí a máa fọ òun nìkan, kí a má sì fi funfun kàn án láé.

Bí aró bá ti ràn mọ́ ibi funfun, ìyára ni ó lè gbà á. Kí a má ṣe sá aṣọ náà, kí a má sì ṣe lọ̀ ọ́, nítorí gbígbẹ ń mú kí àbàwọ́n náà ṣòroó yọ. Nígbà tí ó ṣì tutù ni kí a gbé e sínú omi ọṣẹ gbígbóná tí ó pọ̀ gan-an, kí a máa yí i, kí a sì máa pààrọ̀ omi náà bí ó bá ti ń gba àwọ̀. Omi kékeré ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Aró tí kò bá rí omi lọ yóò padà sára aṣọ. Kí a má ṣe da bílíìṣì sí i. Bílíìṣì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àbàwọ́n àti àwọ̀ aṣọ. Ibi tí ó bá kàn ni yóò jẹ.

Yíyọ aró yàtọ̀ sí ṣíṣá. Aṣọ tí kì í yọ aró rárá lè ṣá, nítorí oòrùn ń ba aró jẹ́ níbi tí ó gbé so mọ́ òwú. Èyí ni a fi ń rí i pé àwọ̀ ibi tí okùn sísá gbé gba àárín aṣọ kọjá máa ń ṣá ṣáájú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí a máa lò. Kí a yí inú aṣọ sóde kí a tó fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a má sì fún un ní àfúnlọ́. Kí a sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a sì ká a kúrò ní kété tí ó bá gbẹ. Inú rẹ̀ ni kí a lọ̀. Aṣọ tí ó bá ń pẹ́ nínú àpótí, kí a máa yí ojú ìká rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú ìlà kan ṣoṣo má baà máa gbó.

Àwọn aránṣọ pẹ̀lú ní ipa kan láti kó. Kí aránṣọ tó so àǹkárá pọ̀ mọ́ léèsì tàbí aṣọ funfun mìíràn, kí ó bi oníaṣọ bóyá ó ti fọ̀ ọ́. Bí kò bá tíì fọ̀ ọ́, àkísà funfun kan àti áyọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò fi ohun tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ̀ hàn wọ́n, kí ó tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ.