Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀: Ohun tí Ó Ń Mú Ara Gbóná nínú Ibà

Ẹni tí ó bá ti gbé ní Àgbóyì, ìlú etí omi tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi dé láti Kétu, kò ṣe àjèjì sí ibà. Òtútù a kọ́kọ́ mú ènìyàn, ooru a tẹ̀lé e, òógùn a sì kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ rò pé kòkòrò ibà ni ó ń dá iná náà. Kò rí bẹ́ẹ̀: ara tìkára rẹ̀ ni ó ń dá a, nípa àrokò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

Àrokò wọ̀nyí ni à ń pè ní sáítókáìnì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ní ibi ìgbàjíṣẹ́ tí ó bá wọn mu nìkan ni ó lè kà wọ́n. Mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà. Intalúkíìnì ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, a sì ń fi iye dárúkọ wọn. Intafírọ́ọ̀nù ni a rí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, nítorí pé ó ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Apakókó gba orúkọ rẹ̀ ní 1975, nígbà tí a rí i pé ó ń pa kókó ara eku.

Ní ìwọ̀n wákàtí 48, kòkòrò ibà a fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó fi ṣe ilé, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbé kòkòrò mì a fura, a sì tú apakókó àti intalúkíìnì kìn-ín-ní àti ẹ̀kẹfà jáde. Àwọn wọ̀nyí a sún òṣùwọ̀n ooru inú ọpọlọ sókè. Nígbà náà ooru 37 a di òtútù lójú ara. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ̀n títí ara yóò fi gbóná dé 39 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Parasitamọ́ọ̀lù lè mú ooru náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ṣì wà láàyè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn.

Sẹ́ẹ̀lì kan náà a rán intalúkíìnì kejìlá sí àwọn mìíràn. Wọ́n a fi intafírọ́ọ̀nù gámà dá a lóhùn, agbára ìgbémì rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Níkẹyìn intalúkíìnì kẹwàá a dé láti wí pé, “Ó tó.”

Bí apakókó bá pọ̀ jù, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ a máa lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wà nínú wọn a sì so mọ́ ọn, àní nínú ọpọlọ. Ní Gáńbíà ní 1990, a rí i pé apakókó inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ibà gun ọpọlọ wọn tí wọ́n sì yè jẹ́ ìlọ́po 2 ti àwọn tí ibà lásán ń ṣe. Ti àwọn tí ó kú jẹ́ ìlọ́po 10. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi dán oògùn tí ń di apakókó mú wò níbẹ̀, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 1996. Nínú ọmọ 302 tí ó gbà á, 60 kú. Nínú 308 tí kò gbà á, 64 kú. Ìyàtọ̀ kò sí, àbùkù ọpọlọ tí kì í lọ sì pọ̀ sí i lára àwọn tí ó gbà á. Àwọn olùwádìí náà rò pé bóyá oògùn náà mú kí apakókó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: dídá ìránṣẹ́ dúró kò lé ọ̀tá lọ. Oògùn tí ń pa kòkòrò náà, bí atẹsúnéètì, ni ó ń mú ohun tí ń fa ìkìlọ̀ kúrò, àrokò náà a sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.