Ìsọ̀kalẹ̀ Tó Ń Gbé Mi Ṣubú

*Kìlómítà 5 ni mò ń sá láràárọ̀ ní àdúgbò wa n'Íbàdàn. Títì ọlọ́dà ni gbogbo rẹ̀, àfi ìsọ̀kalẹ̀ kan tí kò lọ́dà, tó tó mítà 300. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣubú níbẹ̀ lóṣù yìí, ìdí ni mo sì fi balẹ̀ nígbà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ òjò wẹliwẹli lásán ló rọ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń wọ kánfáàsì mi. Ṣé kí n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ni?*
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora. Ẹ má tíì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.

Òjò wẹliwẹli yẹn gan-an ni ọ̀tá yín. Bí òjò bá rọ̀ díẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa, ojú ilẹ̀ nìkan ló ń rọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣì le gbagidi, amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn lórí bí ọṣẹ. Eyín abẹ́ bàtà kò ní ríbi wọlé. Ibi tí ẹ bá rí i tó ń dán, ẹ yà fún un, kí ẹ gba etí ọ̀nà níbi tí koríko tàbí òkúta wẹ́wẹ́ wà.

Pé ìdí lẹ fi balẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé gìgísẹ̀ yín ló yọ̀ lọ síwájú. Bí ìsọ̀kalẹ̀ bá ń dẹ́rù bani, ara a máa tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ a sì nà jáde láti ṣe bíréèkì. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ kì í gba bíréèkì. Ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí yín gẹ́lẹ́, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀ pọ̀. Ẹ dẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ ya apá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ku kánfáàsì. Ẹ yí i padà, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀ níbi gìgísẹ̀ àti níbi ìka ẹsẹ̀. Bó bá ń yọ̀ bí ike, kò ṣeé wọ̀ lójò mọ́. Bàtà ẹrẹ̀ wà, èyí tí eyín rẹ̀ gùn tó mílímítà 5 tó sì jìnnà síra kí ẹrẹ̀ lè já bọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní ní kí ẹ rà á. Lórí ọ̀dà, orí eyín wọ̀nyẹn nìkan ló ń kanlẹ̀, ọ̀dà ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀nà yín. Ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ kúrú tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀, kí ẹ máa rin mítà 300 náà bí òjò bá ti rọ̀. Èmi náà máa ń rin irú rẹ̀.

Lórí títì náà, ẹ má tẹ ilà funfun tí wọ́n kùn sílẹ̀. Bí omi bá ti kàn án, ó máa ń yọ̀ ju ọ̀dà lọ.